Ibi tí ọmọ ti dìde nídìí bàbá: àwòrán ilẹ̀ àti ìwé ṣọ́ọ̀tù fún ọ̀rọ̀ ẹni méjì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́. Láti Kétu ni mo ti wá, erùpẹ̀ pupa ọ̀nà ṣì wà lára bàtà mi. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń múra sílẹ̀ de eré tí ènìyàn méjì jókòó, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dà bíi pé òun ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ fíìmù: kò sí ìjà, kò sí ọkọ̀, kò sí èrò rẹpẹtẹ. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti jìyà jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyà náà, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ti jáde.

Ní Ṣábẹ ni, lẹ́sẹ̀ òkè àpáta. Ìyá méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú eré wa, ọ̀kan ń bẹ èkejì nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì mú obì dání. A gbé kámẹ́rà sí ìhà ìwọ̀ oòrùn láàárọ̀, a sì ya ojú ìyá àkọ́kọ́, ó dára gan-an. Nígbà tí yóò fi kan ìyá kejì, aago méjì ọ̀sán ti kọjá, oòrùn ti yí sẹ́yìn wa, òjìji kámẹ́rà ń ṣú sórí aṣọ ìyá náà. Mo wò yíká, mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ dára ní òdìkejì. Mo gbé kámẹ́rà, mo yí wọn po, mo dúró sí ìhà ìlà oòrùn, mo ya á. Inú mi dùn lọ sílé.

Ìgbà tí a jókòó láti gé fíìmù ni ojú mi là. Ìyá àkọ́kọ́ kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún wa. Ìyá kejì náà kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún wa. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé àwọn méjèèjì dúró lórí ìlà, tí wọ́n ń bá ẹnì kẹta kan tí a kò rí sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bá wa gé e ní kò burú, ó lè yí àwòrán ìyá kejì padà bí ẹni wo dígí, kí ó lè kọjú sí òsì. Ó yí i. Ojú bá ara wọn mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà na ọwọ́ láti gba obì, ọwọ́ òsì ló nà! Àgbàlagbà obìnrin, níwájú gbogbo ayé, ó ń fi ọwọ́ òsì gba obì ẹ̀bẹ̀. Ta ni yóò wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa tí kò ní bú wa? A padà sí Ṣábẹ lọ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó òṣèré.

Bí mo bá ti ya àwòrán kan ṣoṣo sórí bébà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Àwòrán náà ni mo ń pè ní àwòrán ilẹ̀. Ẹ wo àgbàlá bí àṣá tó ń rà bàbà lókè ṣe ń wò ó: orí ènìyàn di òbìrí, àga di igun mẹ́rin, ògiri di ìlà. Ìwé ṣọ́ọ̀tù sì ni ìwé tí a to gbogbo àwòrán tí a fẹ́ yà sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ̀yin tí ẹ fi èdè Faransé kọ́ṣẹ́ ń pe ìwé náà ní dékúpáàjì, ẹ sì ń pe ṣọ́ọ̀tù ní pláàn. Àwòrán ilẹ̀ ilé, pláàn náà ni. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti da iṣẹ́ rú, tí olùdarí ń bèèrè ọ̀kan, tí wọ́n gbé èkejì wá fún un. Nítorí náà, lónìí, ṣọ́ọ̀tù ni ṣọ́ọ̀tù, àwòrán ilẹ̀ sì ni àwòrán ilẹ̀.

Èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ yóò jókòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ṣọ́ọ̀tù: ojú bàbá, ojú ọmọ, ojú bàbá, ojú ọmọ. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwé ṣọ́ọ̀tù tí kò ní àwòrán ilẹ̀ nídìí kò lè sọ fún ọ pé kámẹ́rà kò gba ibi tí o fẹ́ gbé e sí, kò sì lè sọ fún ọ pé o ti kọjá sí òdìkejì. Àwòrán ilẹ̀ ni kí ó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká mú eré kan, ká ṣe é papọ̀. Àgbàlá kan ni ní Kétu. Bàbá àgbà kan tó ń gbẹ́gi jókòó lórí àpótí, ó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò pọ̀.

Ọmọ ní, "Bàbá, mo ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀."

Bàbá kò gbójú sókè. "Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ọ̀nà Ìdènà."

Ọ̀bẹ dúró lórí igi.

"Ta ló ní a fẹ́ ta ilẹ̀?"

Ọmọ dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Padà wá jókòó."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, mo mú okùn ìwọ̀n lọ sí àgbàlá náà. Láti ògiri ìwọ̀ oòrùn dé ẹnu ọ̀nà tó wà ní ìlà oòrùn jẹ́ mítà 9. Láti ilé tó wà ní àríwá dé ọgbà tó wà ní gúúsù jẹ́ mítà 6. Bébà tí a fa igun mẹ́rin kéékèèké sí, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe ìṣirò, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Mo fi sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan, nítorí náà gbogbo àgbàlá di sẹ̀ǹtímítà 9 sí 6, ó gba ojú ewé kan dáadáa. Mo ya ògiri, mo ya ẹnu ọ̀nà, mo sì kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

Lẹ́yìn náà ni mo fi àwọn ènìyàn sí i. Òbìrí kan fún bàbá, òbìrí kan fún ọmọ, mo sì fi imú kékeré sí òbìrí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo imú yẹn. Òbìrí tí kò ní imú kò sọ ibi tí ènìyàn kọjú sí, ibi tí ènìyàn kọjú sí sì ni gbogbo ìdí tí a fi ń yàwòrán náà. Bàbá wà ní ìhà àríwá, ó kẹ̀yìn sí ilé, imú rẹ̀ kọjú sí gúúsù. Ọmọ wà ní mítà kan ààbọ̀ níwájú rẹ̀, imú tirẹ̀ kọjú sí àríwá.

Wàyí o, mo fa ìlà kan láti orí bàbá dé orí ọmọ, mo sì fà á kọjá lọ́wọ́ iwájú àti lẹ́yìn. Ìlà ojú nìyẹn. Bàbá kò tilẹ̀ wo ọmọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, igi ló ń wò. Síbẹ̀ ìlà náà wà, torí ọ̀rọ̀ ń lọ láàrin wọn. Ìlà yìí pín àgbàlá sí méjì, ìhà ìwọ̀ oòrùn àti ìhà ìlà oòrùn. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ yan ìhà kan, kí ó sì dúró síbẹ̀. Ìdajì òbìrí ni ó ní láti rìn, dígírì 180. Bí a bá dúró ní ìwọ̀ oòrùn, bàbá yóò wà lọ́wọ́ òsì wa, yóò máa wo ọ̀tún; ọmọ yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, yóò máa wo òsì. Ibikíbi tí a bá dúró sí ní ìhà yẹn, ìbáà jẹ́ níwájú, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Bí a bá fẹsẹ̀ kan kọjá ìlà náà, gbogbo rẹ̀ yí padà, ìyá Ṣábẹ tún fi ọwọ́ òsì gba obì nìyẹn.

Kí ló dé tí mo fi yan ìwọ̀ oòrùn? Oòrùn ni. Àárọ̀ ni a fẹ́ yà á. Bí oòrùn bá wà ní ìlà oòrùn, tí kámẹ́rà sì wà ní ìwọ̀ oòrùn, ìhà ojú tí ó ní òjìji ni kámẹ́rà ń rí, ìmọ́lẹ̀ sì ń fá etí orí àti èjìká wọn lẹ́yìn. Àwọ̀ dúdú máa ń dára níbẹ̀, kì í dán bí ẹni fi òróró pa ojú, òṣèré kì í sì í dijú nítorí oòrùn. Àkókò tí a ní kò kéré: ní Kétu, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, oòrùn kì í kọjá sí ìwọ̀ oòrùn ní aago méjìlá géérégé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, ó ń tó nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Nítorí náà, láti nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjìlá, ìhà tí mo yàn kò ní dà mí. Ohun tí n kò mọ̀ ní Ṣábẹ nìyẹn: mo yan ìhà kan fún wákàtí mẹ́ta, mo sì fi wákàtí méje ṣiṣẹ́.

Ó wá kan kámẹ́rà. Àmì bíi lẹ́tà V ni mo fi ń ya kámẹ́rà. Ìdí V ni lẹ́ǹsì, ẹnu rẹ̀ tó là ni ibi tí ó ń wò. Mo kọ nọ́ńbà sínú V kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà ni yóò sì wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀tù. Báwo ni V yóò ṣe fẹ̀ tó? Ìṣirò kékeré kan wà tí mo máa ń ṣe. Kámẹ́rà tí mo ń lò, awo inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 36. Mo máa ń fi 36 sọ iye mítà tó wà láàrin kámẹ́rà àti ènìyàn di púpọ̀, mo sì fi nọ́ńbà mílímítà tí a kọ sára lẹ́ǹsì pín in. Èsì rẹ̀ ni iye mítà tí àwòrán yóò gbà ní ìbú. Ẹni tí awo kámẹ́rà rẹ̀ kéré, bíi 23 tàbí 24, kí ó fi tirẹ̀ rọ́pò 36. Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé tó bá kámẹ́rà wá.

Ẹ wo bó ṣe ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀tù 1 ni ṣọ́ọ̀tù gbogbogbò, tó rí àwọn méjèèjì. Láti ìlà ojú dé ògiri ìwọ̀ oòrùn jẹ́ mítà mẹ́rin ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó di kámẹ́rà mú náà gbọ́dọ̀ rí ibi dúró, nítorí náà mítà mẹ́ta ààbọ̀ ló kù fún mi. Lẹ́ǹsì 35: 36 lọ́nà 3.5, tí a fi 35 pín, ó jẹ́ 3.6. Àwọn méjèèjì gba mítà kan ààbọ̀, ó kù mítà méjì fún àyíká wọn. Ó tó. Bí mo bá ti fi lẹ́ǹsì 85 sọ́kàn, màá ti mọ̀ lórí bébà pé mítà kan ààbọ̀ péré ni yóò rí, yóò gé èjìká kan bàbá tàbí ti ọmọ, kò ní jẹ́ pé ìgbà tí òṣèré ti jókòó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí màá sún sí.

Bébà náà tún fi ohun mìíràn hàn mí. Ṣọ́ọ̀tù tó ń wo ọmọ láti ẹ̀yìn èjìká bàbá ní láti wà lẹ́yìn bàbá, láàrin rẹ̀ àti ògiri ilé. Mo ti fi bàbá sí mítà kan péré sí ògiri. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kámẹ́rà, bí a bá nà án, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba mítà kan yẹn tán. Ènìyàn kò ní lè kọjá. Mo fi rọ́bà pa òbìrí méjèèjì rẹ́, mo sún bàbá àti ọmọ síwájú ní ìdajì mítà. Ìṣẹ́jú kan ni ó gbà mí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó túmọ̀ sí kí a gbé àpótí, bẹ́ǹṣì, igi, ìyẹ̀gi tó ti dà sílẹ̀, ká tún gbogbo rẹ̀ tò.

Ẹ̀yìn èjìká tí mo dárúkọ yìí, ọ̀nà kan wà tí mo fi ń yẹ ara mi wò níbẹ̀. Bàbá kọjú sí gúúsù, nítorí náà ìwọ̀ oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ kọjú sí àríwá, ìwọ̀ oòrùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìwọ̀ oòrùn nígbà gbogbo, èjìká ọ̀tún bàbá ni a ó gbà wo ọmọ, èjìká òsì ọmọ ni a ó sì gbà wo bàbá. Ọ̀tún ẹnì kan, òsì ẹnì kejì. Mo máa ń kọ èjìká náà sínú ìwé ṣọ́ọ̀tù gan-an. Bí mo bá wo ìwé tí mo rí ọ̀tún àti ọ̀tún, mo mọ̀ pé mo ti kọjá ìlà láìmọ̀.

Mo wá tò wọ́n báyìí. Ṣọ́ọ̀tù 1, gbogbogbò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré. Ṣọ́ọ̀tù 2 gba èjìká òsì ọmọ wo bàbá, lẹ́ǹsì 50. Ṣọ́ọ̀tù 3 dúró síbi kan náà, lẹ́ǹsì 85, ojú bàbá nìkan. Ṣọ́ọ̀tù 4 ni ọwọ́ bàbá àti ọ̀bẹ lórí igi. Ṣọ́ọ̀tù 5 gba èjìká ọ̀tún bàbá wo ọmọ, lẹ́ǹsì 50. Ṣọ́ọ̀tù 6 ni ojú ọmọ, lẹ́ǹsì 85. Ohun tí mo ṣe sí bàbá ni mo gbọ́dọ̀ ṣe sí ọmọ: lẹ́ǹsì kan náà, iye mítà kan náà, kámẹ́rà ní gíga ojú ẹni tí a ń yà. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà méjì sí bàbá, tí ó wà ní mítà mẹ́ta sí ọmọ, orí ọmọ yóò kéré, òǹwòran yóò sì rò pé a fẹ́ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ sọ ọ́, ó dára. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni.

Ṣọ́ọ̀tù 4 yẹn ṣọ̀wọ́n fún mi. Nígbà tí ọmọ dárúkọ ilẹ̀, bàbá kò sọ ohunkóhun, kò gbójú sókè. Ọ̀bẹ ń lọ, fáá, fáá, ìyẹ̀gi ń ká bí ewé gbígbẹ. Ó wá dúró ní àárín ipa rẹ̀, ìyẹ̀gi kan ṣì rọ̀ sí i, kò já. Ojú kò lè sọ ìyẹn tó ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí nínú ìwé ṣọ́ọ̀tù, a ó gbàgbé rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ṣọ́ọ̀tù tí mo ti rí ń tẹ̀lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá ibi tí ẹnì kan ti ń gbọ́rọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí iṣẹ́ wà gan-an: ọmọ dìde.

Mo fi ìlà tóótòòtó ya ìrìn rẹ̀ láti bẹ́ǹṣì dé ẹnu ọ̀nà. Mo ya òbìrí rẹ̀ kejì síbẹ̀, imú kọjú síta. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò ṣe ni èyí: mo fa ìlà ojú tuntun, láti orí bàbá dé ibi tí ọmọ dúró sí báyìí. Ìlà àkọ́kọ́ lọ láti àríwá sí gúúsù. Ti èyí lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ìlà ti yí bí ọwọ́ aago, àgbàlá kò sì pín sí ìwọ̀ àti ìlà oòrùn mọ́. Ó ti pín sí àríwá àti gúúsù. Gbogbo V tí mo ti yà gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe.

Bí mo bá dúró ní gúúsù ìlà tuntun, tí mo wo àríwá, bàbá ṣì wà lọ́wọ́ òsì, ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí ohun tó yí lójú òǹwòran. Bí mo bá dúró ní àríwá, wọ́n ti pààrọ̀ ọwọ́. Nítorí náà gúúsù ni. Ẹ wá wo V ṣọ́ọ̀tù 5, tó wà lẹ́yìn bàbá nítòsí ògiri: àríwá ìlà tuntun ló bọ́ sí. Kámẹ́rà tó tọ̀nà ní ìṣẹ́jú tó kọjá ti di èyí tó ṣìnà, a kò sì tíì gbé e kúrò nílẹ̀. Ènìyàn tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn yóò kàn yí i díẹ̀ láti tẹ̀lé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, yóò rò pé òun jáfáfá. Lórí bébà nìkan ni a ti lè rí i kí ó tó di àdánù.

Ṣọ́ọ̀tù 7 wá di tuntun: mo gbé kámẹ́rà wá sẹ́yìn bàbá ní ìhà gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, bàbá ti yí ara sí ẹnu ọ̀nà, a gba èjìká ọ̀tún rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọmọ tó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀tù 8 ni ojú bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan bi mí ní Kétu pé, ṣé a kò ti ní ojú bàbá nínú ṣọ́ọ̀tù 3 ni? A ní in, kò sì ṣeé lò níbí. Nínú ṣọ́ọ̀tù 3, ojú rẹ̀ lọ sí ẹni tó jókòó ní mítà kan ààbọ̀. Nísinsìnyí ẹni náà wà lórí ìdúró, ó jìnnà ní mítà mẹ́rin ààbọ̀, ó sì wà ní ìhà mìíràn. Bí a bá fi ojú àtijọ́ sí i, "Padà wá jókòó" yóò lọ bá bẹ́ǹṣì tó ṣófo.

Báwo la ṣe ń mú òǹwòran kọjá láti ìlà àkọ́kọ́ sí ìkejì? Ẹ jẹ́ kí ó rí ìrìn náà. Ṣọ́ọ̀tù 1 wà ní ìwọ̀ oòrùn, ó sì wà ní gúúsù ìlà tuntun pẹ̀lú. Ó tọ̀nà fún ìlà méjèèjì láìsún, ó sì rí àwọn méjèèjì. Nítorí náà ìdìde ọmọ, inú ṣọ́ọ̀tù 1 ni a ó ti rí i, láìgé, títí yóò fi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni a lè gé sí 7. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ṣọ́ọ̀tù 7 àti 8 yóò bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn méjì ṣáájú ìdìde, kí ẹni tó ń gé fíìmù lè ní ibi tí yóò fi ọwọ́ mú. Ìlà yìí kì í ṣe èèwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ lè kọjá, bí òṣèré bá rìn kọjá níwájú wa, tàbí bí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bá rìn tí òǹwòran sì rí i pé ó ń rìn. Ohun tí kò dára ni kí a fò ó nígbà tí a gé àwòrán, láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìwé ṣọ́ọ̀tù tí a fi gé fíìmù kọ́ ni ìwé tí a fi ń ya á. Mo máa ń tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì ní bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ. Ṣọ́ọ̀tù mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ibi márùn-ún péré ni kámẹ́rà yóò dúró sí bí mo bá dì wọ́n papọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, kí gbogbo wa lè mọ bí ọwọ́ àti ara ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà 2, 3 àti 4, tí gbogbo wọn kọjú sí bàbá; mo kàn ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, mo sì tẹ̀ ẹ́ ba fún ọwọ́. Kámẹ́rà 5 àti 6 kọjú sí gúúsù-ìlà oòrùn, ibi tí oòrùn oṣù Ṣẹ́rẹ́ wà gan-an láàárọ̀, nítorí náà mo fi wọ́n sí lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kí oòrùn ti gòkè kúrò lójú lẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà 7, lẹ́yìn náà 8. Pẹ̀lú àwa ènìyàn márùn-ún, ìdúró kọ̀ọ̀kan ń gbà mí ní ìṣẹ́jú ogójì sí àádọ́ta, àtúnṣe àti yíyà papọ̀. Márùn-ún gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Oòrùn gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Nígbà tí a ń ya ojú ọmọ, bàbá kò sí nínú àwòrán, àwọn kan á ní kí ó lọ sinmi. Kí ó má lọ. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ òsì lẹ́ǹsì, kí ó súnmọ́ ọn, kí ojú ọmọ lè rí ibi tí yóò wò. Bí ó bá jìnnà sí lẹ́ǹsì jù, etí ọmọ nìkan ni a ó máa rí.

Àbúrò kan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn béèrè pé fóònù ni òun fi ń yà, òun kò mọ nọ́ńbà awo inú rẹ̀. Kò di dandan. Ẹ dúró ní mítà méjì sí ògiri, ẹ wo ibi tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí àti ibi tó parí sí lórí ògiri náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ mítà méjì ààbọ̀, ní mítà kan yóò jẹ́ ìdajì rẹ̀, ní mítà mẹ́rin yóò jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ ṣe é fún lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́yìn fóònù. Kí ẹ sì má fi lẹ́ǹsì tó ń rí gbooro jù súnmọ́ ojú ènìyàn. Imú ni yóò wú.

Lẹ́yìn èyí mo bẹ àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn pé kí wọ́n sún àga sẹ́yìn. A fi ẹfun ya àgbàlá Kétu sórí ilẹ̀, ìgbésẹ̀ kan fún mítà kan. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó bíi bàbá àti ọmọ. Mo fún ọmọbìnrin kan ní ẹfun pé kí ó ya V márùn-ún. Ó ya mẹ́ta àkọ́kọ́ láìdúró. Nígbà tí ọmọ dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn bàbá ní ìhà ògiri, ó ya ẹ̀kẹrin síbẹ̀. Ó dìde, ó wò ó, ó wo èjìká bàbá tó ti yí sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Èjìká òsì rẹ̀ ni mo gbà." Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa á rẹ́, ó sì yí bàbá po lọ sí òdìkejì.